Ẹ̀yin ọmọ tó jogún ilé, ẹ má fi ẹ̀kúnwó lé ayálégbé rere jáde

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ilé oníyàrá méjì kan ní Àṣerò ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ tó jogún rẹ̀ ní kí owó ilé kúrò ní ₦400,000 lọ́dún, kó di ₦460,000. Ayálégbé tó ti gbébẹ̀ fún ọdún márùn-ún kò bá a jà, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́rin rèé, ilé ṣófo, koríko ti bo ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ó fi owó náà sílẹ̀ bó ṣe wà fún ọdún méjì, ₦120,000 ni kò ní wọlé. Oṣù mẹ́rin tí ilé fi ṣófo nìkan ti jẹ ohun tó lé ní ₦153,000 nínú owó tuntun tó ń lé. A ò tíì ka ọ̀dà àti kọ́kọ́rọ́ tuntun. Àbí ta ló ń san ẹ̀kúnwó nínú ilé tí kò séèyàn?

Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ bá ayálégbé rere ṣàdéhùn pé owó ilé kò ní yí padà fún ọdún méjì. Mi ò ní kẹ́ ẹ ṣe é fún gbogbo ayálégbé o! Ẹ kó ríṣíìtì jáde, kẹ́ ẹ wo ọjọ́ tó wà lára wọn. Ẹni tó máa ń pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ṣùgbọ́n tó ti pè yín ṣáájú, ẹni rere ni. Ẹni tẹ́ ẹ ń fi oṣù mẹ́ta lé kiri, ẹ má so ara yín mọ́ ọn fún ọdún méjì. Ẹ tún rántí ta ló pè yín nígbà tí òrùlé kọ́kọ́ ń jò díẹ̀díẹ̀, kí síìlì tó já.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọdún méjì náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sínú àgíríméńtì. Ẹ kọ ọ́ pé ₦400,000 ni yóò san lọ́dọọdún, pé bí oṣù kan bá kọjá lórí ọjọ́ ìsanwó láìsan, àdéhùn ti bàjẹ́. Ẹ kọ ẹni tó ń tún kíni ṣe: gílóòbù àti ẹ̀rọ omi tiẹ̀, òrùlé àti ṣọkawéè tiyín. Àìkọ èyí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú.

Ẹ má gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó ná an tán ni. Ẹ má sì kọjá ọdún méjì, nítorí sìmẹ́ǹtì kò ní dúró dè yín. Bó bá fẹ́ ọdún kẹta, ẹ ti kọ iye tí yóò san nígbà náà sílẹ̀ báyìí. Ohun tó bá ju ọdún mẹ́ta lọ, lọ́yà ló gbọ́dọ̀ kọ díìdì rẹ̀. Ìwé lásán lè má dúró níwájú adájọ́.

Ẹ má sì dúró di ọjọ́ tí owó bá pé, tí ẹni náà á ti máa wá ilé kiri. Ẹni tí owó ilé rẹ̀ máa parí ní oṣù Òkúdù, oṣù Ẹrẹ́nà ni kẹ́ ẹ ti lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀.