Ìpàdé Sátidé: ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó tẹ Yes

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Àbújá, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìwé ìpè ti wọ ímeèlì yín. Sátidé tó ń bọ̀ ni, aago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn wa ní Gàríkì.

Lóṣù tó kọjá, inú mọ́tò ni mo ti tẹ Yes sí ìpàdé ibi iṣẹ́, láì rántí pé mo ti ṣèlérí fún ìyá kan nínú ẹgbẹ́ pé màá sìn ín lọ sílé ìwòsàn ní aago kan náà. Ó ṣì ń dùn mí.

Lórí Google Calendar, ìpè tí ẹ kò tíì dáhùn máa ń hàn bí àpótí tí inú rẹ̀ ṣófo. Èyí tí ẹ ti gbà ni àwọ̀ máa ń kún inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣí Sátidé wò. Bí àpótí tó kún bá ti wà láàrin aago 4 sí 6, ẹ tẹ No. Bí ẹ bá kàn kọ "mò ń bọ̀" padà sínú ímeèlì, àpótí yẹn á ṣì ṣófo, ẹ lè gbàgbé kí ẹ tún gba ìpàdé mìíràn lé e. Bí ẹ bá sì pa ímeèlì náà rẹ́, ìpàdé ṣì lè wà lórí kàlẹ́ńdà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí a lè mọ iye àga tí a máa háyà.

Akọ̀wé ẹgbẹ́