Ìmìtìtì ilẹ̀: láti 7.9 dé 9.0 kì í ṣe ọ̀nà kúkúrú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Gbólóhùn kan nínú ìròyìn yín lórí ìmìtìtì ilẹ̀ ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Akọ̀ròyìn yín fi èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.9 wé èyí tó jẹ́ 9.0, ó sì ní èkejì fi díẹ̀ ju èkíní lọ. Bó bá jẹ́ máàkì ìdánwò ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ òǹkà tí a fi ń díwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀ kì í gòkè báyẹn: agbára tí ìmìtìtì 9.0 ń tú jáde tó nǹkan bí ìlọ́po 45 ti 7.9.

Charles Richter, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, ló gbé òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1935, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Beno Gutenberg. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni ẹ̀rọ tó ń fa ìlà sórí bébà nígbà tí ilẹ̀ bá mì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlà tó kéré jù àti èyí tó ga jù pọ̀ débi pé, bí wọ́n bá kọ iye náà sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, òǹkà náà yóò gùn ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò. Ìdí nìyí tí Richter fi lo lọ́gárídíìmù, tó fi jẹ́ pé bí ìlà bá ga sí i ní ìlọ́po mẹ́wàá, òǹkà yóò fi ẹyọ kan péré gòkè. Ó wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìmìtìtì tó bá mú kí ẹ̀rọ náà fa ìlà tó ga tó mìlímítà kan, ní kìlómítà 100 sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ni a ó máa pè ní 3. Èyí tó bá fa mìlímítà 10 ní ibi tó jìnnà bákan náà jẹ́ 4, èyí tó bá sì fa mìlímítà 100 jẹ́ 5.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn máa ń dúró sí, tí wọ́n á ní ẹyọ kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Gíga ìlà lórí bébà ni ìlọ́po mẹ́wàá yẹn ń sọ, kì í ṣe agbára. Agbára ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po 32 fún ẹyọ kan, tó bá sì di ẹyọ méjì, ó di ìlọ́po 1,000. Kódà, 0.2 péré tó láti sọ agbára di ìlọ́po méjì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 32? Ìmìtìtì ńlá ń wáyé nígbà tí àpáta méjì tó ti há mọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún bá yọ̀ lára ara wọn lójijì. Ojú ibi tí wọ́n ti yọ̀ ní gígùn, ó ní ìbú, àpáta náà sì ní iye mítà tó fi sún. Bí òǹkà bá fi ẹyọ kan gòkè, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé gígùn, ìbú àti sísún náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á di nǹkan bí ìlọ́po 3.16 ti tẹ́lẹ̀. Ẹ mú 3.16 lọ́nà 3.16, ẹ tún mú èyí tí ẹ rí lọ́nà 3.16, ẹ ó bá 31.6 níbẹ̀, èyí tó jẹ́ 10^1.5. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìṣirò fún ìyàtọ̀ mìíràn lè fi fóònù rẹ̀ ṣe é. Láàárín 7.9 àti 9.0, ìyàtọ̀ jẹ́ 1.1, ìṣirò rẹ̀ sì ni 10^(1.5 × 1.1), èyí tó fún wa ní 44.7.

Kì í ṣe lásán ni mo ṣe mú òǹkà méjèèjì yìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ní aago 2:46 ọ̀sán, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun níwájú àríwá ìlà-oòrùn Jàpáànì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, àjọ ojú ọjọ́ orílẹ̀-èdè náà ti kéde 7.9, wọ́n sì gbé ìkìlọ̀ sùnámì lé e lórí, pé ìgbì òkun lè ga tó mítà 6 ní ìpínlẹ̀ Míyágì, àti mítà 3 ní ìpínlẹ̀ Íwátè àti Fukuṣímà. Nígbà tó fi máa di aago 4:00, wọ́n ti sọ ọ́ di 8.4, ní 5:30 ó di 8.8, kò sì di 9.0 títí di ọjọ́ 13. Òkun kò dúró de àtúnṣe. Ní 3:14, wọ́n gbé ìkìlọ̀ Míyágì dé mítà 10 nítorí ohun tí àwọn ẹ̀rọ tó léfòó lójú òkun fi hàn, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ti lọ ní ọ̀pọ̀ ibi létí òkun, ìkìlọ̀ kejì kò sì dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn.

Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà kọ́ ni kò mọṣẹ́. Ìgbì tó ń lọ tó ń bọ̀ kíákíá ni ọ̀nà ìdíwọ̀n tó yára ń kà. Bí ìmìtìtì bá ti súnmọ́ 8, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ga mọ́, bó ti wù kí ibi tó ń yọ̀ ṣì gùn tó, nítorí pé ìgbì tó ń lọ́ra ni agbára tó ṣẹ́kù ń gbà jáde. Òǹkà náà á wá dúró sójú kan nígbà tí àpáta ṣì ń yọ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó lè ka ìgbì tó lọ́ra yìí wà ní Jàpáànì, àmọ́ mímì ọjọ́ náà kọjá ibi tí wọ́n lè kà dé.

Nítorí irú àléébù yìí ni Thomas Hanks àti Hiroo Kanamori ṣe gbé òṣùwọ̀n mìíràn jáde ní 1979, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àpáta ti yọ̀ fúnra rẹ̀: fífẹ̀ ojú ibẹ̀, iye tó sún, àti bí àpáta ṣe le tó. Ti Jàpáànì gùn tó nǹkan bí kìlómítà 500, ó fẹ̀ tó 200, sísún rẹ̀ sì lè tó mítà 10 ní ìpíndọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ju mítà 50 lọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun ìsàlẹ̀ òkun. Iye wọ̀nyí ló bí 9.0. Ká ní 7.9 ni lóòótọ́, bíi kìlómítà 140 ní gígùn, 56 ní ìbú, àti mítà mẹ́ta ni ìbá jẹ́. Òṣùwọ̀n yìí ni àwọn àjọ ńlá ń lò báyìí fún ìmìtìtì tó tóbi, nítorí náà "òṣùwọ̀n Ríkítà" tí ẹ kọ sínú ìròyìn yín kò bá a mu mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo máa ń gbọ́, pé ìmìtìtì kéékèèké ń tu agbára dànù díẹ̀díẹ̀, kí ńlá má baà dé. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta kan náà, ìmìtìtì 7.3 ṣẹlẹ̀ nítòsí ibẹ̀. Irú rẹ̀ bí 350 ni ìbá gbà kí wọ́n tó tú agbára 9.0 tán. Ẹyọ kan ló wá.

Mi ò sọ pé òǹkà yìí ló ń sọ iye ilé tí yóò wó. Jíjìn sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀, irú ilẹ̀ àti bí a ṣe kọ́lé ń dá sí ìyẹn, Jàpáànì sì ní òṣùwọ̀n mìíràn fún bí mímì ṣe rí ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé, bí ẹ bá gbé òǹkà wákàtí àkọ́kọ́ jáde, kí ẹ kọ àjọ tó sọ ọ́ àti aago tó sọ ọ́ sí i lára. Láti 2013, àjọ Jàpáànì fúnra rẹ̀ kì í kọ iye mítà sínú ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ mọ́ bí ìmìtìtì bá lè ju 8 lọ tí wọn kò sì tíì rí ìwọ̀n rẹ̀ dájú. Ọ̀rọ̀ bíi "gíga gan-an" ni wọ́n ń lò títí ìṣirò yóò fi parí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta.