Lẹ́tà sí Sídíkátù lórí tansíọ̀n wíwọ̀n ní ìrọ̀lẹ́

Kétu

Sídíkátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí bàbá wọn. Lẹ́tà rẹ dé láti Natitingú. O ní owó oṣù kì í bá oṣù parí mọ́, o sì fẹ́ mọ iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì lè máa ṣe tó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí tálákà náà á lè san owó rẹ̀. Èyí tí èmi ń ṣe ni màá sọ fún ọ: mo máa ń lọ wọn tansíọ̀n fún àwọn èèyàn nínú agboolé wọn ní ìrọ̀lẹ́.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀rọ oníbátìrì tí wọ́n ń so mọ́ òkè apá (má ra ti ọrùn ọwọ́, kò ṣeé gbára lé tó o), ọ̀já méjì, téèpù aránṣọ, àti kaié fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀já kejì yẹn, èyí tó tóbi, ṣe pàtàkì gan-an. Èyí tó sábà máa ń bá ẹ̀rọ wá, apá tí àyíká rẹ̀ wà láàárín sàǹtímítà 22 sí 32 ló wà fún. Tí o bá fi tipátipá so ó mọ́ apá tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nọ́ńbà tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan wà lápá Àkàbà Ìdẹ̀nà. Ó mú ìwé pélébé kan tọ̀ mí wá, wọ́n kọ 176 lé 104 sí i, ẹ̀rù sì ti bà á débi pé kò sùn. Bó ṣe ń ti ọjà dé ni wọ́n wọ̀n ọ́n, lórí aṣọ, tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ tọ̀, torí ìtọ̀ tó kún inú máa ń gbé tansíọ̀n sókè. Mo gbé àga tó ní ẹ̀yìn fún un, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kò gbé ọ̀kan lé ìkejì, apá lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú àyà. A dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Téèpù ní apá rẹ̀ jẹ́ 36, mo sì so ọ̀já ńlá mọ́ ọn lára gan-an, kì í ṣe lórí bùbá. Ó gbé 154 lé 96 jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, 150 lé 94. Mo wọn apá kejì náà, torí apá tó bá ga jù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ la ó máa lò títí.

N kò pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ yẹn. Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹta, mo tún lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: 148 lé 92, 146 lé 92. Tó bá ti wà ní 140 lé 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, dókítà gbọ́dọ̀ rí i. Mo tún béèrè ohun tó ń gbé mì. Díkílófẹ́nákì ni, lálaalẹ́, nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Oògùn yẹn lè gbé tansíọ̀n sókè, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Mo kọ ọ́ sínú kaié pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà náà. Dókítà ní kó dá a dúró, ó sì fún un ní oògùn tansíọ̀n fún ọgbọ̀n ọjọ́, hóró kan lóòjọ́.

Sídíkátù, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kó gbé páálí oògùn wá. Ó yẹ kó ku hóró 16, 23 ni mo kà. Ó ní orí ò fọ́ òun mọ́, ló ṣe ń fo ọjọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé tansíọ̀n lè ga láìfọ́ni lórí rárá, a sì so oògùn náà mọ́ àkókò tó ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀. Mo máa ń ka páálí náà ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀.

Tí o bá rí 180 lé 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹ́ kí ẹni náà sinmi, kí o tún un wọ̀n. Tí kò bá wálẹ̀, tí àyà sì ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tí ojú ń ṣú u, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ rọ, mọ́tò ni kẹ́ ẹ wá lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Tí kò bá wálẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí ìkankan nínú àmì wọ̀nyí, kó rí dókítà, ó pẹ́ tán lọ́la. Má fi oògùn kankan sábẹ́ ahọ́n rẹ̀ kó lè yára wálẹ̀, torí tó bá já lójijì, ó lè ṣe ọpọlọ ní ìjàǹbá. Aboyún tó bá ti dé 140 lé 90, ọjọ́ yẹn náà ni kó lọ.

Igba sefa ni mo ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Agboolé tó bá fẹ́ kí n máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ń san ẹgbẹ̀rún kan lóṣù. N kò gún abẹ́rẹ́, n kò fa omi síni lára, n kò ta oògùn, mo sì ti sọ fún ọ̀gá mi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà sọ fún ọ̀gá tìrẹ, má sì gbé ẹ̀rọ ilé ìwòsàn jáde.

Tí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Kútọnù bá máa bá ọ ra ẹ̀rọ, kọ̀wé sí i kó rí i dájú pé ọ̀já ńlá wà nínú páálí tàbí pé wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Bí o bá rà á, kọ̀wé sí mi.

Èmi ni,
Àdùkẹ́