Lẹ́tà sí Olóòtú: Kì í ṣe ọ̀lẹ ló lé bàbá mi kúrò lóko kòkó

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé epo ló sọ àwa Yorùbá di ọ̀lẹ tá a fi pa oko kòkó tì. Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ àwọn tó ń bú yẹn, bàbá mi wà nínú wọn.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá, àmọ́ apá Ifẹ̀ ni oko kòkó bàbá bàbá mi wà, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ará Ọ̀yọ́ ṣe ń ṣe nígbà yẹn. Tí kòkó bá gbó, àwọn alágbàṣe á jókòó yí òkìtì ẹ̀ ká, wọ́n á là á, wọ́n á kó horo ẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á bò ó bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí wọ́n tó wá sá a sóòrùn, tí òjò bá ṣú báyìí gbogbo ilé á sáré jáde lọ kó o. Ọ̀lẹ ò lè ṣe é.

Ohun tó ṣẹlẹ̀, ìṣirò ni. Láàárín 1973 sí 1974, iye tí wọ́n ń ra epo lágbàáyé fò sókè ní ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Dọ́là ya wọlé, náírà wá le, nígbà tó fi di 1980 dọ́là kan ò ju bíi kọ́bọ̀ 55 lọ. Gbogbo wa la máa ń fi ìyẹn yangàn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fojú àgbẹ̀ wò ó. Òkè òkun ni wọ́n ti ń dá iye kòkó, kì í ṣe Ifẹ̀. Ká ní tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 2,000 dọ́là, tí dọ́là bá jẹ́ náírà kan, 2,000 náírà nìyẹn, àmọ́ tó bá jẹ́ kọ́bọ̀ 55, 1,100 náírà péré ló kù. Kòkó kan náà, òógùn kan náà. Ká tó wá yọ ti ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, àwọn yẹn sì ti ń yọ tiwọn tipẹ́ kí owó epo tó dé, mi ò ní purọ́ mọ́ epo lórí ìyẹn.

Bí owó tó ń wọlé ṣe ń dín kù, iye tí alágbàṣe ń gbà ń lọ sókè. Ẹ rántí owó Údójì, owó òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù kúrò ní náírà 312 lọ́dún, ó di 720. Wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń la títì kiri, ta ló máa wá dúró sínú igbó? Bàbá mi ní alágbàṣe mẹ́jọ tí àwọn ní di méjì láàárín ọdún méjì. Kànga epo fúnra ẹ̀ ò gba èèyàn púpọ̀ síṣẹ́ o, owó tó ń tara ẹ̀ jáde ló ń fa àwọn èèyàn kúrò lóko. Náírà tó le yẹn ló tún jẹ́ kí ìrẹsì òkè òkun pọ́ọ́kú lọ́jà, tí àgbẹ̀ ìrẹsì tiwa náà ò fi rí tà. Ní nǹkan bíi 1970, kòkó wa tó tọ́ọ̀nù 300,000 lọ́dún, nígbà tó fi di 1986 kò tó ìdajì ẹ̀ mọ́.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pè é ní àrùn àwọn ará Họ́láńdì, torí ó ti ṣe ilé iṣẹ́ tiwọn náà lẹ́yìn tí wọ́n rí gáàsì ní Gróníngẹ̀n ní 1959. Ṣé ìyẹn náà, ọ̀lẹ ni?

Àmọ́ Indonéṣíà náà ní epo. Ní November 1978, nígbà tí epo ṣì ń mówó wọlé, wọ́n fọwọ́ ara wọn dín agbára owó wọn kù, dọ́là kan kúrò ní rùpáyà 415, ó di 625, kí ohun tí àgbẹ̀ ń kó lọ sókè òkun lè mówó wálé. Wọ́n ń fi gáàsì wọn ṣe ajílẹ̀ fún àwọn olóko ìrẹsì. Ní 1984 ìrẹsì wọn tó wọn jẹ, àwọn ará Sùláwésì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kòkó, kó tó di 2000 wọ́n ti kọjá wa.

Tiwa, ìgbà tí owó epo já wálẹ̀ tán ní 1986 la tó já náírà wálẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀ lé e dọ́là kan ti di bíi náírà 4. Owó kòkó wá dáa lójijì, bàbá mi sáré padà sóko. Igbó ti bò ó, àfòmọ́ ti gun orí igi, àwọn igi tí bàbá ẹ̀ gbìn kí Nàìjíríà tó gbòmìnira ti darúgbó, wọn ò so dáadáa mọ́. Ó tún tuntun gbìn, kòkó sì máa ń tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Ọdún yẹn ló ta ọ̀kadà ẹ̀ torí owó ilé ìwé wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde kí ẹni tó kọ tọjọ́sí lè kà á.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ àgbẹ̀ kan, Ọ̀yọ́