Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìdí Tí Etí Aṣọ Wa Fi Yàtọ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú àdúrótì.

Ọ̀pọ̀ yín ti rí i pé etí àdìrẹ wa ti yàtọ̀ láti oṣù tó kọjá. Àwọn kan tiẹ̀ pè láti béèrè bóyá a ti ta ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíì. A ò tà á. Ọjà ló kùtà. Ẹ̀wù bíi 60 là ń tà lóṣù tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún tó kọjá ń parí lọ, 17 péré ló kù. Mo lọ bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa pé kí wọ́n yá wa lówó. Wọ́n ní kí n wá fi ìṣẹ́jú 10 ṣàlàyé bí mo ṣe fẹ́ tún ilé iṣẹ́ náà ṣe, kí n má sì lé e kọjá. Ẹ̀yin ni ohun tí mo lọ sọ níbẹ̀ kàn jù, ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ kò dáa. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí bí ìyá mi ṣe ń rẹ aró ní Ìtòkú, mo bọ́ sórí àmì tuntun tí mo fẹ́ fún ilé iṣẹ́ wa, mo tún sọ ti páálí tí a ó máa fi di aṣọ. Mo kà á sókè, mo fi aago fóònù ṣọ́ ọ: ìṣẹ́jú 16, mi ò sì tíì dé orí owó. Àbúrò mi bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tí ò rajà lọ́wọ́ wa mọ́, ṣé àmì wa ni wọn ò fẹ́ ni?” Mi ò rí ọ̀rọ̀ fọ̀.

Mo bá pe 20 nínú àwọn oníbàárà tí kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Àwọn 11 sọ ohun kan náà fún mi: wọn ò rí ìyàtọ̀ láàárín aṣọ wa àti èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, tó pọ̀ lọ jàra lọ́jà. Kí ni wọn ó wá san ìlọ́po mẹ́ta fún? Mo ya ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ.

Lọ́jọ́ tí mo lọ ṣàlàyé fún ẹgbẹ́, mo tẹ́ àdìrẹ méjì tó ní ọnà Ìbàdàndùn sórí tábìlì, ọ̀kan tẹ̀rọ, ọ̀kan tiwa. Mo ní kí alága yí wọn dojú dé. Ẹ̀yìn tẹ̀rọ funfun ràkọ̀ràkọ̀, aró ti mu tiwa dé ẹ̀yìn. Mo ní kí ó wo àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tó wà lára wọn. Lára tẹ̀rọ, òpó kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Ìyẹ́ adìẹ la fi ya tiwa pẹ̀lú ẹ̀kọ, nítorí náà ọ̀kan sanra, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ibi tí ẹ̀kọ bá sì ti sán, aró á gba ibẹ̀ wọlé bí irun orí. Ìṣẹ́jú 3 lọ sórí èyí, kò sì dùn mí.

Mo fi ìṣẹ́jú 2 sọ ohun tí ẹ̀yin sọ fún mi. Mo fi 3 sọ ohun tí a ó ṣe: orúkọ wa ò ní yí padà. Oríṣi ẹ̀wù 14 tí à ń rán yóò di 5. A ó máa ṣẹ́ etí aṣọ síta, kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn sójú ayé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí i wò. A ó sì rán orúkọ ọnà náà àti orúkọ ẹni tó yà á mọ́ ọrùn ẹ̀wù.

Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè ìdí tí a ò kúkú fi yí orúkọ àti àmì padà pátápátá. Mo sọ ti Gap fún wọn, ilé iṣẹ́ aláṣọ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pààrọ̀ àmì wọn lóṣù kẹwàá ọdún 2010, àwọn oníbàárà fárí gá, ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí wọ́n fi dá ti àtijọ́ padà. Ẹni tó ṣì mọ̀ wá, orúkọ yẹn ló mọ̀.

Ìṣẹ́jú 2 tó kù jẹ́ ti owó: 900,000 náírà. Apá kan wà fún ìforúkọsílẹ̀ àmì ọjà l'Ábújá, ní ìsọ̀rí 25 tó jẹ́ ti aṣọ wíwọ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ tí a ti ṣe tẹ́lẹ̀ kò dá ẹlòmíì dúró láti lẹ orúkọ wa mọ́ aṣọ tirẹ̀. Ti àmì ọjà yìí, ọdún 7 ni wọ́n ń kọ́kọ́ fúnni, ẹ̀yìn náà ni èèyàn yóò tún un gbà fún 14. Mo sì sọ ọ́ gbangba pé kò ní dí ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti máa tẹ Ìbàdàndùn, torí pé ọnà náà kì í ṣe tiwa nìkan.

600,000 ni wọ́n fún wa. Páálí tuntun yóò dúró ná. Ẹ̀wù tí ẹ bá bèèrè fún yóò máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 báyìí, torí ọwọ́ mẹ́ta péré ló ń ya ẹ̀kọ. Ẹ má sọ ti àtijọ́ nù o. Ẹ mú un wá, a ó ṣẹ́ etí rẹ̀ síta fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.