Gbogbo "bí" kọ́ ni àfiwé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka abala ẹ̀kọ́ tí ẹ ṣe fún àwọn ọmọ girama tó ń múra ìdánwò àṣejáde. Ẹ kọ ọ́ pé ibi tí ọmọ bá ti rí "bí" tàbí "dà bí", àfiwé tààrà ni. Ibi tó bá ti rí "ni", àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni. Ọ̀nà àbùjá yẹn dùn ún há sórí, àmọ́ òun gan-an ló ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Kábà níbí.

Ẹ gbọ́ bí àwọn ìyá oníṣu wa ṣe ń nájà. "Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀, màá fi ọ̀kan ṣe èènì." "Bí" wà níbẹ̀, kò sí àfiwé. "Iṣu yìí tóbi bí ti ọjà tó kọjá." Iṣu la fi wé iṣu, ẹni tó bá fẹ́ lè gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n tó bá ní, "Iyán rẹ̀ á funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú," iyán àti òwú kò bára tan níbì kankan ju funfun yẹn lọ. Àfiwé tààrà dé nìyẹn.

"Ni" náà ń tanni. "Awakọ̀ ni bàbá mi" kò fi ohunkóhun wé nǹkan. "Ìgbín ni awakọ̀ yìí" ló ṣe bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ ti dùn. Ẹni tó bá ní awakọ̀ náà ń rìn bí ìgbín ti la ọ̀rọ̀ fún wa: ìrìn ló ń wí, ọkùnrin náà kò yára. Àmọ́ tí wọ́n bá kàn pè é ní ìgbín, àwa la máa wá ìtumọ̀. Lẹ́nu èrò tó ń kánjú dé Lọ́kọ́jà, ẹni tó ń falẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé wọ́n bú u ní gáréèjì tó fa orí sínú tí kò fèsì, ojo ni, tàbí onísùúrù, bójú onítọ̀hún bá ṣe rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ "àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́" tí kò sọ èwo nínú ìtumọ̀ wọ̀nyí ni àyọkà fẹ́, ìdajì ìdáhùn ló kọ.

Èyí tí wọ́n ń fò jù ni èyí tí kò ní "bí" tí kò ní "ni". "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún mi lọ́kàn." Ọ̀rọ̀ kò ní ẹnu ṣóńṣó, "gún" nìkan ló sọ ọ́ di ọ̀bẹ, a kò sì dárúkọ ọ̀bẹ rárá. Ẹlẹ́lọ̀ọ́ ponbele ni, síbẹ̀ ọmọ á wò ó títí, á ní kò sí àfiwé níbẹ̀.

Ohun tí mo ń ní kí wọ́n bi ara wọn ni pé: tí a bá gba gbólóhùn yìí bó ṣe jáde lẹ́nu, ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀? Bí kò bá lè rí bẹ́ẹ̀, ìgbà náà ni kí wọ́n tó máa wá "bí" kiri.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún abala yẹn ṣe kí ìdánwò tó dé, kí ẹ sì fi "gún mi lọ́kàn" sínú ìbéèrè rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ lítíréṣọ̀ kan,
Kábà, Ìpínlẹ̀ Kogí.