Sí Àbẹ̀kẹ́, ṣáájú ìjókòó Ọjọ́bọ̀

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ohùn rẹ lórí fóònù lánàá kò dùn mọ́ mi nínú. O ní ọ̀gá rẹ ti kọ máàkì rẹ tán, pé ìgbéléwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pè ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ kàn jẹ́ àṣehàn lásán. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì lo dì sínú ẹrù kan: pé wọ́n ti parí rẹ̀, àti pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Jẹ́ ká tú u.

Pé wọ́n ti parí rẹ̀, bó ṣe ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá a kọ máàkì, àwọn máníjà a jókòó, wọn a fi ti òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kan wé ti òmíràn kí ẹnìkan má baà fún gbogbo ọmọ abẹ́ rẹ̀ ní márùn-ún, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń pè yín wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà má lọ síbẹ̀ bí ẹni ń lọ rojọ́ ní kóòtù. Ẹni tó bá lọ rojọ́ níbi tí ẹjọ́ ti parí, ìbínú ló máa ń gbé jáde. Ohun mẹ́ta péré ni iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ náà: kí o mọ ibi tí máàkì ti já, kí ẹ̀rí rẹ wọ inú fáìlì, kí o má sì sọ ohun tí wọn yóò fi mú ọ lẹ́yìn ọ̀la.

Ti ìrẹ́jẹ ńkọ́? Mú ìwé kan, fa ìlà méjì sí i kó di ọ̀nà mẹ́ta. Ohun tí o fojú ara rẹ rí, kọ ọ́ sí àkọ́kọ́: ìpàdé méjì tí wọn kò pè ọ́ sí. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún ọ, kọ ọ́ sí ìkejì: pé ẹnìkan ti gba ìgbéga ọdún yìí. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ parí èrò sí, kọ ọ́ sí ìkẹta: pé ọ̀gá kò fẹ́ràn rẹ. Ìkẹta yìí ló máa ń gùn jù, òun náà ni kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Má gbé ọ̀rọ̀ kankan láti ibẹ̀ wọ yàrá náà. Lẹ́yìn náà, kọ ohun kan tí ọ̀gá rẹ lè sọ tí yóò jẹ́ òótọ́. Ìwọ lo sọ fún mi pé ìròyìn ọ̀sẹ̀ rẹ pẹ́ nínú oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Gbà á nínú ara rẹ láti ilé, kó má baà bá ọ lójijì níbẹ̀.

Nísinsin yìí, jẹ́ ká ṣírò, nítorí ẹ̀rù tí kò ní iye kì í níbi tó ń dúró sí. Bí o ṣe kà fọ́ọ̀mù yín fún mi, gbígba owó ẹ̀yáwó padà kó 40 nínú 100, oníbàárà tuntun 30, ìròyìn ọ̀sẹ̀ 20, ìwà 10. Máàkì tí ò ń bẹ̀rù ni 4, 3, 3 àti 1 nínú 5. Fi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀: 1.6, 0.9, 0.6, 0.1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.2, ìgbéga sì ń bẹ̀rẹ̀ láti 3.5. Ohun tó fi dín jẹ́ 0.3.

O ti ń múra láti jà lórí ìwà, nítorí 1 yẹn ló dùn ọ́ jù. Lóòótọ́, bí wọ́n bá sọ ọ́ di 4, wàá rí 0.3. Ṣùgbọ́n kí lo fẹ́ fi gbe ìwà lẹ́sẹ̀? Ọ̀rọ̀ tìrẹ sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni. Wo oníbàárà tuntun dípò. Tágẹ́ẹ̀tì jẹ́ 60, o mú 41 wá, wọ́n sì ka ìyẹn sí ìdá 68 nínú 100, òun ló bí 3. Àmọ́ láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà, ẹ̀ka Oǹdó lo wà, ò ń dípò ẹni tó lọ fún ìsinmi ìbímọ, àwọn oníbàárà tí o mú wá níbẹ̀ sì wọ ìwé Oǹdó. Oṣù mẹ́sàn-án lo fi ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, tágẹ́ẹ̀tì oṣù mẹ́sàn-án sì jẹ́ 45. 41 nínú 45 ju ìdá 91 nínú 100 lọ. Láti 85 sókè, 4 ni fọ́ọ̀mù yín ń fúnni. 4 yẹn nìkan gbé ọ dé 3.5, kí ìwà ṣì wà ní 1 tó wà. Ìwà kò ní ìwé ẹ̀rí, 41 ní in, lẹ́tà tí wọ́n fi gbé ọ lọ sí Oǹdó sì wà lọ́wọ́ rẹ.

Fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀gá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó kúrú: "Ẹ káàárọ̀ sà. Nípa ìjókòó Ọjọ́bọ̀, mo so lẹ́tà ìgbélọ sí Oǹdó àti iye oníbàárà tí mo mú wá ní Àkúrẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ lè wò ó. Ẹ ṣeun sà." Má fi ẹ̀sùn kankan sí i. Ó lè má yí nǹkan kan padà ní Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá máa pẹjọ́ sókè, ọjọ́ tó wà lórí ímeèlì yẹn ni yóò fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀yìn tí inú bí ọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ọ̀rọ̀ rò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Jẹ́ kí ti ìwọ náà wà nílẹ̀.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, kọ gbólóhùn tó le jù tí o rò pé yóò sọ, bóyá "Ìwọ kì í gbọ́ràn." Ní kí àbúrò rẹ kà á sí ọ létí, pẹ̀lú ohùn líle, ní ìgbà bíi mẹ́wàá. Lákọ̀ọ́kọ́, àyà rẹ yóò já. Nígbà tó bá máa fi di ìkẹjọ, ó lè ti fẹ́ pa yín lẹ́rìn-ín. Ohun tí etí ti gbọ́ rí kì í já èèyàn láyà bí èyí tó bá a lójijì. Kí o tó dáhùn nígbà kọ̀ọ̀kan, fa èémí sínú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, kí o sì tú u jáde fún mẹ́fà, nítorí èémí tó jáde pẹ́ ló ń dẹ ìlùkìkì ọkàn lára. Ìdáhùn tí wàá fi kọ́ ẹnu rẹ ni: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni, kí ni mo ṣe lọ́jọ́ náà?" Kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Bí kò bá rí àpẹẹrẹ kankan, kọ ìyẹn náà sílẹ̀, má sì rẹ́rìn-ín. Bí omi bá yọ lójú rẹ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: bèèrè ìṣẹ́jú díẹ̀, nu ojú, kí o padà sórí 41.

Má dárúkọ máàkì ẹlòmíràn. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ ẹnu lásán lo fi sọ ọ́.

Ti ìfọwọ́sí, ka ohun tó wà lókè ibẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ pé o ti rí i ni wọ́n kọ, fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé o fara mọ́ ọn ni, kọ ọ́ sí àyè ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kí bírò rẹ tó kan ibẹ̀: "Mo ti kà á, n kò fara mọ́ máàkì oníbàárà tuntun, ẹ wo ímeèlì mi ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun." Bí kò bá sí àyè, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún ọ di ọ̀la. Má kàn kọ̀ jálẹ̀ láìsọ ìdí, nítorí wọ́n lè sọ ìyẹn di ẹ̀sùn mìíràn, ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti rí ẹ̀rí fún ìwà tí wọn kò rí ẹ̀rí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí o bá jáde, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ọgbà ibi iṣẹ́. Jókòó, kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ kó tó pé wákàtí kan, kí o tó pè mí. Mú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, kí n bá ọ ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti ra iṣu.

Ìyá rẹ,
ní Àkúrẹ́